Ṣọ́ọ̀kì pọ̀ jù lára aṣọ yìí: bí a ṣe sàmì sí ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ kan

Ọjọ́ méjìlá ló kù kí ìyá náà sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Bọ́lá nílùú Ìbàdàn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀rọ, ọmọ tó sì ti kọ́ níṣẹ́ kọjá kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo fíríìdọ́ọ̀mù tó ti ṣe fún wọn, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é: àdúrà díẹ̀, ìrẹsì díẹ̀, ó parí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́fà ló fẹ́ gbòmìnira lọ́jọ́ kan náà, àwọn òbí wọn sì ti dáwó gba gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ aránṣọ ń bọ̀, onílù ń bọ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ètò pé ọ̀gá yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá yìí ò dúró níwájú máíkì rí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ìwé ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, kí n sàmì sí i níbi tó ti máa dúró, ibi tó ti máa mí, àti ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ mọ́ni létí. Mo ti ka ìròyìn lórí rédíò fún ọdún díẹ̀ kí n tó máa ṣe èyí, nítorí náà mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá yìí fi hàn mí pé ó ku díẹ̀.

Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó jáde ní yunifásítì, ló kọ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, kò sì fi àmì ohùn kankan sí i. Ìwé náà dára lójú, àmọ́ ìwé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé ìkíni rèé, mo kàn bá a fi àmì ohùn sí i ni:

Mo fi àsìkò yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́ àwa aránṣọ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ tí ẹ wá bá mi ṣe àjọyọ̀ ìgbòmìnira àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́fà tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́ta lọ́dọ̀ mi tí wọn kò sì sá lọ.

Ọ̀rọ̀ 46 láìsí kọ́mà kan. Mo ní kí màmá kà á bó ṣe wà, mo sì fi fóònù gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi kà á tán. Èmi ò sì fi ti eré tó sá yẹn ṣe ìṣòro àkọ́kọ́. Ohun tí mo ń wá nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ni ibi tó ti mí. Ó mí lẹ́yìn “ọmọ”, kó tó sọ “iṣẹ́ mi”, bíi pé ọmọ ni ó ń sọ, tó wá rántí iṣẹ́. Ó tún mí láàrin “lo” àti “ọdún”. Kì í ṣe pé ó yan ibẹ̀. Ibẹ̀ ni èémí ti tán. Nígbà tó fi máa dé “tí wọn kò sì sá lọ”, tó jẹ́ òun gan-an lọ́rọ̀ tó ń múnú rẹ̀ dùn jù nínú gbogbo ìwé náà, ohùn ti wọlẹ̀, èèyàn ò gbọ́ ju “kò sì…” lọ.

Ìdí wà tó fi jẹ́ pé ìparí gbólóhùn ló máa ń sọnù bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ lọ geere láìmí, ohùn rẹ̀ máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn òkè tó wà níparí kì í ga tó ohùn òkè tó wà níbẹ̀rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá sì gbẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń lọ. Bí èémí bá ti tán nígbà yẹn, ó di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà téèyàn bá mí ni ohùn tó tún padà sókè sí ààyè rẹ̀. Nítorí náà, àmì ìmí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Òun ló ń gbé ohùn dìde. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, kí ìmí ṣáájú rẹ̀, kó má ṣe gbẹ̀yìn èémí.

Ìyẹn ni mo mọ̀ dáadáa. Ohun tí mo wá ṣe tẹ̀ lé e ni àṣìṣe mi.

Mo mú bírò pupa àti dúdú. Gbogbo ibi tí mo rò pé ó yẹ ká dúró díẹ̀, mo fa ìlà kan. Ibi tó yẹ ká dúró pẹ́, ìlà méjì. Ibi ìmí, mo sàmì bíi ti máàkì tíṣà. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì, mo fàlà sí nídìí. Bí mo ṣe kọ́ ọ níbi tí mo ti ń ka ìròyìn nìyẹn, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo ṣe tán, àmì 61 ló wà lórí ojú ìwé méjì.

Mo lọ bá màmá ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ó gbé díńgí ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ìlà ló dúró sí, ìdúró gbogbo wọn sì gùn dọ́gba, bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ka ohun tó há sórí. Ìyẹn ṣì kéré. Ìwé náà ní ibì kan tó sọ pé, “Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.” Mo ti fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Màmá rí ìlà, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun gbé e sókè, ó sì gbé e sókè lóòótọ́: “Iṣẹ́ loògùn iṣẹ́!” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn bò ó lẹ́nu. Màmá bọ́ díńgí ojú rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ rí i? Mo ti ní kí ọ̀rọ̀ yìí má kàn mí.”

Èmi lẹ̀bi, kì í ṣe òun. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ téèyàn bá fẹ́ tẹnu mọ́, ohùn lè gòkè lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní yí padà. Lọ́dọ̀ tiwa, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ló fi ìyàtọ̀ sáàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́. Bí mo bá fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóhùn ìsàlẹ̀, tí mo wá bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà pàdé, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ gbé sókè. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe á gbójú fo ìlà náà, á lo ọgbọ́n ara rẹ̀. Àwa tí à ń kàwé lórí rédíò, gbójúfò ni à ń gbójú fò ó láìmọ̀. Ìyá aránṣọ ò mọ̀ ọ́n gbójú fò. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ṣe.

Kí n tó dìde níbẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó wò ó títí. Ó ní, “Tíṣà, ṣọ́ọ̀kì pọ̀ jù lára aṣọ yìí. Bí mo bá sàmì sáṣọ báyìí fọ́mọ iṣẹ́, kò ní mọ ibi tóun máa gé.” Ó wá fi hàn mí bó ṣe ń sàmì tiẹ̀. Lára apá bùbá kan tó wà nílẹ̀, ibi mẹ́ta péré ló fi ṣọ́ọ̀kì kàn: ibi tí apá ti máa pàdé èjìká, ibi tó ti máa wọ abẹ́ apá, àti ibi tí wọ́n máa ṣẹ́ etí rẹ̀ sí. Ó ní ìyókù, ọwọ́ ẹni tó ń rán an mọ ọ̀nà.

Mo gba ìwé mi, mo kó o sápò. Mo ní kó jẹ́ ká fi ìwé sílẹ̀ ná, kó sọ ìtàn kan fún mi, èyíkéyìí tó bá wù ú. Ó sọ ti ọmọ iṣẹ́ kan tó fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníbàárà lálẹ́ ọjọ́ tí ìyẹn máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó. Ìtàn náà gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwa tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, fóònù mi sì ń gbohùn sílẹ̀, ó mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kọ ibi tó ti mí sílẹ̀. Obìnrin tí kò lè ka gbólóhùn kan délẹ̀ láàárọ̀, kò síbi kan tó ti mí lọ́nà àìtọ́ nínú ìtàn náà. Ó ń mí lẹ́yìn tó bá ti dárúkọ ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: “Léèsì yẹn,” á mí, “kò sírú ẹ̀ ní Gbági.” Ó ń dúró lẹ́yìn “pé”: “Mo wá rí i pé,” á dúró fẹ́ẹ́, “áyọ́ọ̀nù ṣì wà lórí ẹ̀.” Kò fi ìgbà kankan ya ọ̀rọ̀ ìṣe kúrò lára ohun tó ń ṣe é sí. Kò sọ pé ó “jó aṣọ”. Ó ní ó “jóṣọ”, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ kó dùn wá, kò pariwo rẹ̀. Ó dúró kó tó sọ ọ́, ó wá fà á: “Ihò… ihò báyìííí ló wà lẹ́yìn aṣọ.” Ohùn “báyìí” ò yí padà, gígùn ló gùn. Ìgbà mìíràn, “ni” ló fi ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú: “Ẹkún ni mo sun. Èmi ni mo ra òmíràn.”

Ohun tí mò ń wá ló wà níbẹ̀. N kò ní láti kọ́ ìyá yìí níbi tó ti máa mí. Ohun tó kù ni kí n mú ìwé ọmọ àbúrò rẹ̀ wá bá ìmí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà, bírò kò lè tún un ṣe. Gbólóhùn tí èèyàn ò lè sọ ní ọ̀kan ṣoṣo tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí àmì tó máa gbà á là.

Mo tú gbólóhùn tó ní ọ̀rọ̀ 46 yẹn palẹ̀. Bó ṣe dà nìyí. Ìlà kékeré dúró fún ìdúró láìmí, V dúró fún ìdúró àti ìmí:

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ aránṣọ, /
ẹ ṣeun. V
Ẹ fiṣẹ́ yín sílẹ̀ lónìí, ẹ wá bá mi yọ̀. V
Àwọn ọmọ mẹ́fà yìí, V
ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́dọ̀ mi. V
Kò sẹ́ni tó sá lọ.

Ẹ wo ohun tó yí padà. “Fi iṣẹ́” di “fiṣẹ́”, nítorí bí mo bá fi sílẹ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́, ẹni tí ẹ̀rù ń bà á kà á ní méjì, á sì dá ọ̀nà sílẹ̀ fún èémí láti já níbi tí kò yẹ. “Wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta” di “ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n lò”. Mo ti fi “ni” tẹnu mọ́ ọn nínú gbólóhùn fúnra rẹ̀, kò wá sídìí tí mo fi máa fàlà sí nǹkan kan mọ́. “Kò sẹ́ni tó sá lọ” wá ní èémí tirẹ̀. Ó kúrú, ìmí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀, ohùn wà lókè. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó ti rọrùn jù, kò dà bí ọ̀rọ̀ àpérò. Mo ní kó jókòó kó gbọ́ bí màmá ṣe máa kà á. Kò tún bá mi jiyàn mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó tún fẹ́ ká ṣàtúnṣe ni pé màmá ń pe “ṣe” ní “se” bíi ti ọmọ Ìbàdàn gidi. Mo ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ahọ́n ara rẹ̀ lórí “ṣ”, kò ní rántí láti mí.

Bí ìlà kan ṣe máa gùn tó kì í ṣe ohun tí mo kàn fojú dá. Nígbà tí màmá jókòó jẹ́ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó lè sọ ohun tó tó sílébù 25 lórí èémí kan. Ṣùgbọ́n àyà tó ń já kì í gba èémí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó rìn kánkán dé kọ́nà kó sì padà, kó mú ìwé kó máa kà á lọ́gán láìsinmi. Nígbà yẹn, bí 14 ló ń sọ kó tó mí. Mo wá fi 14 ṣe òdiwọ̀n. “Ẹ fiṣẹ́ yín sílẹ̀ lónìí, ẹ wá bá mi yọ̀” jẹ́ 14 gẹ́lẹ́, mi ò jẹ́ kí ìlà kankan kọjá ìyẹn. Ìrìn yìí ṣì ń ràn mí lọ́wọ́ títí di òní: ibi téèyàn bá ti já èémí lẹ́yìn tó rìn dé kọ́nà, ibẹ̀ ni àmì ti sọnù. Kò sí bí mo ṣe lè fojú rí i lórí ìwé.

Àmì 61 di 23. Nígbà tó yá, mo yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn pàápàá, mo fi ìlà ìwé rọ́pò wọn. Ohun tó bá jẹ́ èémí kan, ìlà tirẹ̀ ló dá wà. Ojú á sì rí ìdúró kó tó rí àmì. A tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, ìwọ̀n 20, kó má baà máa tẹ orí wá bá ìwé, torí ọrùn tó bá tẹ̀ ń dí ohùn lọ́nà. A tẹ̀ ẹ́ sórí pépà líle bíi ti káádì ìpè, nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n máa ń mú bébà lẹ́lẹ́ pariwo, máíkì á sì gbé e. A kì í ya gbólóhùn sójú ìwé méjì. Ibi tí wọ́n ti máa ṣí ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi ìmí. Àmì ohùn ńkọ́? Orí “ìṣẹ́” nìkan la fi sí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mélòó kan tó lè ṣini lọ́nà. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí kọ ẹ̀yìn sí wa, kó máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kọ bó ṣe yẹ.

Òwe yẹn gan-an tún kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Mo ti fi ìdúró sí “Iṣẹ́ / loògùn ìṣẹ́” kó lè wúwo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá dúró níbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ parí òwe náà fún un. Kí ni mo tún ń wá? Bí Yorùbá bá dá òwe sí méjì, ó ń pe àwọn tó ń gbọ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdáhùn yẹn á dà á lójú rú. Ẹni tó bá mọ̀, ìsinmi ọ̀fẹ́ ni: ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dáhùn, ó lè mí délẹ̀ láìsí ẹni tó máa mọ̀ pé ó mí. A yí ìlà kékeré náà padà sí V, mo sì kọ “wọ́n á dáhùn” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sí ìkíni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o” máa gba ìdáhùn, nítorí náà ibẹ̀ ni ìmí àkọ́kọ́. Oríkì Ìbàdàn tí ọmọ àbúrò rẹ̀ fi sí àárín ọ̀rọ̀, “Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé”, mi ò sàmì kankan sí i. Láti kékeré ni màmá ti mọ̀ ọ́n. Àmì á kàn dí i lẹ́sẹ̀ ni.

Ó ku àmì kan, òun sì kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Lókè ìwé, kí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀, mo ya òdo kékeré kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mí síta ná. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé kó mí kanlẹ̀. Àyà rẹ̀ ti kún fún èémí tó há síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Bó bá tún fa òmíràn kún un, èjìká á gòkè, ọ̀fun á fún, gbólóhùn àkọ́kọ́ á bẹ́ jáde bí afẹ́fẹ́ táyà. Bó bá tú u síta pátá, èyí tó máa wọlé lẹ́yìn náà á wọlé fúnra rẹ̀, ikùn ló sì máa lọ.

A lọ sí gbọ̀ngàn náà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ń ka ọ̀rọ̀ náà lórí nínú máíkírà láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá, dẹ́rẹ́bà bá a dáhùn òwe. Nídìí máíkì la ti rí i pé ìmí rẹ̀ ń dún “hììn” jáde nínú ẹ̀rọ. Ìyẹn ò le. A gbé máíkì sí ọ̀kánkán àgbọ̀n dípò ẹnu, pẹ̀lú ìwọ̀n ìkúùkù kan láàárín. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ló fi kà á tán lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, ìjókòó ẹ̀yìn ni mo wà. Bí wọ́n ṣe dárúkọ rẹ̀, mo rí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó nawọ́ mú un tó sọ nǹkan sí i létí. Mo mọ ohun tó sọ, nítorí èjìká màmá gòkè lójú ẹsẹ̀. Ó dé ìdí máíkì, ó wo ìwé, ó sì dúró. Ó tú èémí yẹn síta débi pé mo rí bí èjìká náà ṣe wálẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o.” Gbogbo ilé dáhùn.

Ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé “Kò sẹ́ni tó sá lọ.” Ó sọ ọ́, ó dúró bí a ṣe ní kó ṣe. A ò bá onígángan sọ ọ́, onígángan sì rí ààyè. Ó kó sí i. Àwọn ìyá ọmọ mẹ́ta dìde, wọ́n ń jó bọ̀ níwájú, wọ́n ń nówó fún un. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ó ti sọ ibi tó dé nù. Àmọ́ ìka rẹ̀ wà lórí ìlà. Nítorí pé ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ìka kan tó. Nígbà tí ìlù rọ̀, ó mí, ó bọ́ sórí ìlà tó kàn bíi pé òun ló ní kí wọ́n lù. Láti ìgbà náà, mo máa ń wá onílù lọ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń fi ibi méjì tó lè kó sí hàn án. Bí a bá ní kó má kó sí i rárá, kò ní gbà.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni ibi tí mi ò fi àmì sí. Ìwé náà parí pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ti wò ó pé orúkọ ni, òun ló kọ́ wọn, kí ló tún fẹ́ fi àmì ṣe? Mo fi gbogbo wọn sí ìpínrọ̀ kan, kọ́mà ló wà láàárín wọn. Èémí kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó gba ti ẹni kìíní dé ẹnì kẹta dáadáa, ti ẹnì kẹrin ti ń rọlẹ̀, ti ẹnì karùn-ún di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá ọmọ náà dìde láàárín èrò: “Ọ̀gá, tọmọ tèmi ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá bẹ̀ ẹ́, ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pè é kó ròkè. Ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ náà kó tó tún un ṣe.

Ká ní mo ti ṣírò orúkọ bí mo ṣe ṣírò ìyókù, ǹ bá ti rí i. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan, gbólóhùn ni. Orúkọ méjì àti ti bàbá lè kó sílébù 12 sí 14 jọ. Ìyẹn ni odindi èémí kan lórí òdiwọ̀n tí mo ti fúnra mi gbé kalẹ̀. Orúkọ mẹ́fà jẹ́ èémí mẹ́fà, mo sì fi wọ́n sórí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá dúró lásán lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, á dà bíi kíka rẹ́jísítà. Nígbà tí màmá tún pè mí ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn alákòóso tuntun wà nínú rẹ̀. Ìlà méjì-méjì ni mo kọ ọ́: orúkọ lórí ìlà kan, àdúgbò tí ẹni náà ti ń ránṣọ lórí èkejì, àmì ìmí lẹ́yìn àdúgbò. Màmá wò ó, ó ka ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ lábẹ́ ohùn. Ó ní, “Ẹni tó ń ránṣọ ní Àgbókòójó rèé, ẹ ti kọ ọ́ sí Mọ́níyà.” Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó tún un kọ, ó sì fi V tirẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.